Ẹni Tó Bá Gba Aago Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́, Kó Gbé Aago Kọ́ Ògiri

Àwọn ohun tí àjọ JAMB ti kà léèwọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò UTME kì í ṣe kékeré. Fóònù wà níbẹ̀, aago ọwọ́ wà níbẹ̀, bírò, ẹ̀rọ ìṣirò, ìwé kíkà, gíláàsì ojú tó ní kámẹ́rà nínú, òrùka àti bọ́tìnnì ẹ̀wù tó lè gba ìròyìn láti ìta, káàdì tí wọ́n fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì, ohun tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́, títí dé orí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Ohun tí ọmọ lè gbé dání tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí kò ju ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti pẹ́ńsùlù HB lásán lọ. Ẹni tó bá ka ìwé òfin yẹn láti òkè délẹ̀ yóò mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ ti rí oríṣiríṣi ọgbọ́n àyídáyidà. Kò sí ẹni tó ń fòfin de bọ́tìnnì ẹ̀wù bí kò bá tíì gbọ́ nípa bọ́tìnnì tó ń gba ìròyìn.

Síbẹ̀, ohun kan ṣàìsí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àìsí rẹ̀ sì ń pa àwọn ọmọ lára, pàápàá àwọn tó ń ti ìlú bí Ìwéré-Ilé lọ ṣe ìdánwò. Òfin náà sọ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ mú wá, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ẹni tó gbé ìdánwò kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi rọ́pò ohun tó gbà. Aago ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ọmọ. Fóònù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, àpótí kọ́ńpáàsì àti rúlà sì ní tiwọn. Bí a bá gba ohun èlò lọ́wọ́ ẹni, iṣẹ́ tí ohun èlò náà ń ṣe kì í bá a lọ. Ó ṣì kù sílẹ̀, ọmọ náà ni yóò sì wá bí yóò ṣe ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Yorùbá ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Fóònù ni akátá inú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí àwíjàre kankan fún ẹni tó bá gbé e wọ gbọ̀ngàn. Kì í ṣe pé ọmọ yóò máa fi fóònù ka ìwé lábẹ́ tábìlì nìkan. Bí iṣẹ́ ibi náà ṣe ń lọ ni pé ẹnì kan, tí ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn, yóò ya àwòrán ìwé ìbéèrè ní kété tí wọ́n bá tú u. Yóò fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan lórí Wáàsáàpù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà ní ìta tí wọ́n ń dúró dè é, wọn yóò yanjú rẹ̀, wọn yóò ya ìdáhùn padà, gbogbo àwọn tó ti sanwó yóò sì rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo tó wọlé fún ìṣẹ́jú méjì péré ti tó láti ba ìdánwò jẹ́ ní ìlú mìíràn tí kò sí nítòsí. Ìdí nìyẹn tí òfin kò fi ní kí olùṣọ́ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọmọ lo fóònù tàbí kò lò ó. Wíwà rẹ̀ lára ọmọ nínú gbọ̀ngàn ti tó ẹ̀ṣẹ̀, kódà bó bá wà ní pípa, èsì ìdánwò ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè di fífagilé. Òfin náà le, ó sì yẹ kó le.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí fóònù gbà dé ọwọ́ ọmọ náà. JAMB fúnra rẹ̀ ló fi fóònù ṣe ẹnu ọ̀nà ìdánwò. Kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ `NIN`, àyè kan, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí `55019` tàbí `66019` láti orí nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà tí yóò fi forúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù yẹn náà ni àjọ náà yóò máa fi kàn sí i títí. Bí ìdánwò bá parí, orí nọ́ńbà kan náà ni yóò ti fi `UTMERESULT` ránṣẹ́ láti wo èsì. Àjọ tó sọ pé láìsí fóònù kò sí ìdánwò kò lè ṣe bí ẹni tí ẹnu yà nígbà tí ọmọ bá dé ẹnu géètì tòun ti fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀. Ìwéré-Ilé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájọwà, ṣùgbọ́n jíjẹ́ olú ìlú kò sọ ọ́ di ibi tí gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà pọ̀ sí. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ lọ ṣe UTME lè gba Ìganná àti Òkèhò kọjá kó tó dé Ìṣẹ́yìn, tàbí kí wọ́n tari rẹ̀ sí ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2025, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni àyẹ̀wò ìdánimọ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ máa ṣe ìdánwò lójúmọ́, nígbà tí ìdánwò fúnra rẹ̀ di aago mẹ́jọ. Ariwo pọ̀ lórí aago mẹ́fà ààbọ̀ yẹn nígbà náà, kò sì yani lẹ́nu. Ọmọ Ìwéré-Ilé tó fẹ́ wà ní ẹnu géètì ní àkókò yẹn ní láti sùn sí ìlú tí ìdánwò wà mọ́jú, tàbí kó gun ọ̀kadà ní òru nínú ọ̀dàn. Òbí wo ló máa rán ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó mú fóònù dání? Fóònù yẹn ni yóò fi pe awakọ̀, òun ni yóò fi pe ìyá rẹ̀ pé òun ti dé, òun náà ni yóò sì fi wá ẹni tó máa gbé e padà.

Ó dé ẹnu géètì, wọ́n ní fóònù kò gbọdọ̀ wọlé. Òótọ́ ni. Níbo ni kó wá gbé e sí? Bí kò bá sí ẹni tó ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló kù fún un. Ó lè gbé e fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú títì, tí kò mọ̀ rí, kó sanwó ìpamọ́, kó sì máa gbàdúrà. Ó lè gbé e fún ẹlòmíràn tó wá ṣe ìdánwò, tí yóò jáde ṣáájú rẹ̀. Ó sì lè rì í sínú ìbọ̀sẹ̀, kó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta yìí ló ń sọ ọmọ tí kò ní ète àrékérekè kankan di arúfin, ẹni tó fi í sí ipò yẹn sì ni géètì tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò ṣòro rárá láti ṣe é bó ṣe yẹ. Páálí pélébé méjì tó ní nọ́ńbà kan náà ló ń fẹ́: ọ̀kan yóò lẹ̀ mọ́ fóònù tí wọ́n ti pa, èkejì yóò wà lọ́wọ́ ọmọ. Fóònù yóò wọ inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ní ọ́fíìsì tó jìnnà sí gbọ̀ngàn, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì máa gbà á tí yóò sì máa dá a padà. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà lè sọ pé bí fóònù bá sọnù, àwọn ni wọn yóò mú. Ìbẹ̀rù yẹn tọ̀nà, òun náà ló sì fi hàn pé ẹrù náà wúwo. Bó bá wúwo jù fún ilé-iṣẹ́ tó ní olùṣọ́ àti géètì, báwo ni ọmọ tó dá wá láti Ìwájọwà yóò ṣe rù ú?

Nínú gbọ̀ngàn gan-an, ó yẹ kí a yin JAMB. Wọ́n gba aago, ṣùgbọ́n aago wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń ka ìṣẹ́jú tó kù sẹ́yìn. Wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni, ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀rọ ìṣirò ojú kọ̀ǹpútà kò dà bí èyí tí ọmọ mọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí kò di àsín kọ̀ǹpútà mú rí, tí ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀, lè ná ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn tán kó tó ro nọ́ńbà méjì pọ̀. JAMB mọ èyí fún ti ìdáhùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kí ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré dáhùn gbogbo ìbéèrè láìfọwọ́ kan àsín: `A`, `B`, `C` àti `D` fún ìdáhùn, `N` fún èyí tó kàn, `P` fún èyí tó kọjá, `S` láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, `R` láti yí ìpinnu yẹn padà. Ọgbọ́n tó dára ni. Ẹni tó ronú kan bọ́tìnnì mẹ́jọ fún ọmọ tí kò mọ kọ̀ǹpútà kò ṣàìní làákàyè láti ronú kan fóònù ọmọ yẹn kan náà ní ẹnu géètì.

Ìdánwò alákọsílẹ̀ ti WAEC ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù, torí pé kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò sọ iye ìṣẹ́jú tó kù. Aago tó ń gba ìròyìn ti dé ọjà, àwọn kan nínú wọn sì jọ aago lásán débi pé olùṣọ́ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò lè fi ojú lásán mọ èwo ni èwo. Ohun tó rọrùn jù fún un ni kó gba gbogbo rẹ̀. Kò ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Bírítéènì, ìgbìmọ̀ tí Sà John Dunford ṣe alága rẹ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nígbà tí wọ́n sì jábọ̀ ní 2019, wọ́n dámọ̀ràn pé kí wọ́n fòfin de gbogbo aago, yálà ó ń gba ìròyìn tàbí kò gbà, torí ìyàtọ̀ náà kò hàn sójú mọ́. Àmọ́ ohun kan wà nínú òfin ìdánwò wọn lọ́hùn-ún tí ó yẹ kí àwọn tó ń wo àwòkọ́ṣe wò dáadáa: aago tó ṣeé gbára lé gbọ́dọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn níbi tí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti àkókò ìparí sí ojúkojú gbogbo wọn. Àpò kálámù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó mọ́ gaara tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò kò gbọdọ̀ ní ìdérí, ohun tí wọ́n bá sì ti tọ́jú sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di pípa rẹ́. Ọwọ́ kan ń gbà, ọwọ́ kejì ń fúnni.

Ohun tí aago ń ṣe nínú ìdánwò kì í ṣe kékeré. Ìwé kejì ìṣirò WASSCE ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 150, máàkì 100 ni gbogbo rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ní ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ dandan, 40 ni máàkì wọn. Apá kejì ní mẹ́jọ tí ọmọ yóò ti mú márùn-ún, 60 ni tiwọn. Ẹni tó bá pín ìṣẹ́jú sí orí máàkì yóò rí i pé máàkì kan ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìbéèrè kan ní apá àkọ́kọ́ yóò gba bí ìṣẹ́jú 12, èyí tó wà ní apá kejì yóò gba bí 18. Olùkọ́ ìṣirò tó mọṣẹ́ a máa kọ́ àwọn ọmọ ní èyí: bí wákàtí kan bá pé, kí ọwọ́ rẹ kúrò ní apá àkọ́kọ́.

Báwo ni ọmọ tí kò rí aago yóò ṣe mọ̀ pé wákàtí kan ti pé? Bó bá jókòó ti ìbéèrè kan ní apá àkọ́kọ́ tí kò fẹ́ jáde, tó sì ná ìṣẹ́jú 30 lé e lórí, ó ti jẹ ìṣẹ́jú 18 gbèsè. Ìṣẹ́jú 18 yẹn gan-an ni ìbéèrè kan odindi ní apá kejì, máàkì 12 ti lọ nìyẹn, láìṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Kò sì ní mọ̀ títí olùṣọ́ yóò fi ké pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ tí gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní aago ògiri, ní ìlú ńlá, lè ṣe àṣìṣe kan náà, kó gbójú sókè, kó rí aago, kó sì fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni, máàkì kò kan náà.

Ní ti ẹ̀rọ ìṣirò, WAEC ti fi hàn pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìṣirò wọn sọ ni pé ẹ̀rọ tí a kò lè fi ètò iṣẹ́ sínú rẹ̀, tí kì í dún, tí kò ní wáyà, tí kò lè tẹ ìwé jáde, tí kò sì lè gba ìròyìn tàbí fi ránṣẹ́ nìkan ló ṣeé lò. Ìdí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí a lè fi ètò iṣẹ́ sínú rẹ̀ lè gbé àwọn fọ́múlà pamọ́, àti ọ̀rọ̀ pàápàá, ó sì ti di ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ oríṣi méjì ní ẹnu ọ̀nà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọmọ lórí ìlà? Àjọ náà yanjú rẹ̀ nípa pípèsè ẹ̀rọ ìṣirò tí orúkọ tirẹ̀ wà lára rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Olùṣọ́ kò ní láti jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ mọ́, kó ṣáà ti wo orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tálákà àti ọmọ olówó sì ń tẹ bọ́tìnnì kan náà. Ìyẹn ni òfin tó pé.

Ojú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kan náà ni òdìkejì rẹ̀ wà. Ó ní kí ọmọ mú rúlà, kọ́ńpáàsì, ohun èlò tí a fi ń wọn igun, àti àwọn irú wọn wá fúnra rẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kó yá wọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn. Ó yé ni ìdí tí yíyá fi di èèwọ̀, torí ìwé kékeré lè wà nínú àpótí kọ́ńpáàsì tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Àmọ́ bí ìbéèrè yíya igun bá jáde, tí ojú kọ́ńpáàsì olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ rà lọ́jà bá yẹ̀, kò ní ohun tó lè ṣe. Kò sí bí ó ṣe mọ̀ ọ́n tó, ojú kò lè ya róbótó tó péye. WAEC ń pèsè páálí gíráàfù fún ìdánwò kan náà, torí wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ kan bá mú tirẹ̀ wá, ìlà rẹ̀ lè yàtọ̀. Kọ́ńpáàsì márùn-ún tí olùṣọ́ ti yẹ̀ wò, tó wà lórí tábìlì rẹ̀, tí ọmọ lè na ọwọ́ fún, kò ní gbé ìwé àdàkọ kankan dání. Ọwọ́ olùṣọ́ ni yíyá yóò ti wá, kò ní wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé àríwísí yìí ti pọ̀ jù, kó rántí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì WASSCE ni ọjọ́ náà, èyí tí ọmọ kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi nínú rẹ̀ bó bá fẹ́ wọ yunifásítì. Ìwé ìbéèrè pẹ́ kó tó dé. Àlàyé tí WAEC ṣe lẹ́yìn náà ni pé akitiyan láti má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè jáde síta ṣáájú àkókò ló fà á. Ilẹ̀ ṣú bá àwọn ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, kò sí iná, wọ́n sì ń kọ ìwé lọ nínú òkùnkùn. Kí ni wọ́n fi ríran? Tọ́ọ̀ṣì àti àtùpà ni ní ibì kan. Ní ibòmíràn, iná fóònù ni.

Fóònù yẹn kan náà tí wọ́n fi ń fagi lé èsì ọmọ ló tàn nínú gbọ̀ngàn, lójú olùṣọ́, lórí ìwé ìdáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ti tú gbogbo òfin náà wò fún àwọn ọmọ. Wọ́n rí i pé fóònù jẹ́ èèwọ̀ nígbà tó bá wúlò fún àwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèwọ̀ nígbà tó bá ń bo àìmúrasílẹ̀ àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Ibi tí a ti ń dáàbò bo ìwé ìbéèrè ni iná gbọ̀ngàn ti di ohun ìgbàgbé. Àtùpà oníbátìrì méjì nínú yàrá kan kò tó iye tí wọ́n ń ná lórí ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé àpótí ìbéèrè kiri.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń bẹ WAEC tàbí JAMB pé kí wọ́n dín òfin wọn kù. Kí wọ́n gba fóònù, kí wọ́n gba aago, kí wọ́n tú àpò kálámù, kí wọ́n sì rọ gbogbo ọmọ láti lo àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara. Àmọ́ kí wọ́n kọ ìlà kejì sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù bá wà ní òsì, kí àpótí oníkọ́kọ́rọ́ àti páálí oní-nọ́ńbà wà ní ọ̀tún. Bí aago ọwọ́ bá wà ní òsì, kí aago ògiri tó ń ṣiṣẹ́ wà ní ọ̀tún, pẹ̀lú àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lójú pátákó. Bí yíyá bá jẹ́ èèwọ̀, kí kọ́ńpáàsì wà lórí tábìlì.

Ìgbà tí èyí lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò sì jìnnà. Alábòójútó ìdánwò tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìwéré-Ilé, kí ó tó já èdìdì àpò ìbéèrè, ní láti fọwọ́ sí àwọn ìwé kan tẹ́lẹ̀. Ìlà mẹ́rin lásán ni kí àjọ náà fi kún un: aago ògiri ń ṣiṣẹ́, ibi ìkó-fóònù-sí ní kọ́kọ́rọ́, kọ́ńpáàsì àti rúlà ìpamọ́ wà lórí tábìlì, iná wà bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ọ̀kan kò bá sí, kí ó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì kọ ẹni tó yẹ kó pèsè rẹ̀, lójú ìwé tí yóò bá ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ padà lọ sí ọ́fíìsì WAEC.